Ìkíni Tó Dá Dúró: Bí Ìdáhùn Ṣe Di Àwátì

Ojoojúmọ́ ni irú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń wọlé sórí fóònù: “Ẹ káàárọ̀ sà,” tàbí “Ẹ kú iṣẹ́ mà.” Ó parí síbẹ̀. Kò sí ìbéèrè, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ìròyìn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí a kí á dáhùn pé “Káàárọ̀,” tàbí kí ó fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Àwọn tí àṣà yìí ń bí nínú sábà máa ń dá ẹni tó kíni lẹ́bi. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n ní kò mọ iyì àkókò ẹlòmíràn. Àròkọ yìí yóò fi hàn pé ibòmíràn ni àbùkù náà wà. Ìkíni kò dínkù láàrin Yorùbá. Ìdáhùn ló ń dínkù, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹni tí a kí máa ń ṣe láti fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu ẹni tó kí i. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìdínkù yìí láti ìpele dé ìpele, ìdí tí àwọn kan fi ń kíni láìbéèrè ohunkóhun yóò hàn, a ó sì lè sọ bí ó ṣe yẹ kí a dá wọn lóhùn.

Ìkíni ojúkojú ni ìpìlẹ̀. Nínú ilé Yorùbá, kékeré ni í kọ́kọ́ kí àgbà. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, wọ́n á sì dúró bẹ́ẹ̀ kí àgbà gba ìkíni náà. Àgbà á dáhùn, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: “Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Bàbá yín ńkọ́? Ṣé kò sí o?” Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe kókó. Ẹni tí kò ní ẹjọ́ kankan lẹ́nu á ní, “Kò sí o, mo ní kí n yà kí yín ni.” Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ á ní, “Ó wà díẹ̀, sà,” wọ́n á sì ní kí ó jókòó. Bí ọmọ bá da ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí àgbà tó jẹ́ ẹ lóhùn, wọ́n á ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ ènìyàn méjì ni ìkíni. Kékeré á kí, á sì dúró. Àgbà á dáhùn, á sì béèrè. Bákan náà ló rí láàrin àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́ á ní “Ojú gbooro o,” onídìrí á sì ní “Òòyà á yà á.” Ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà onílé á ní “Àgò o,” kò sì ní í wọlé títí onílé yóò fi dáhùn pé “Àgò yà.” Kò sí ẹni tí í pe ẹni tó ń dúró báyìí ní ọ̀lẹ.

Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé irú ètò yìí ní àwùjọ mìíràn. Ní 1968, Emanuel Schegloff, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí bí nǹkan bí 500 ìpè fóònù tó kan àwọn ọlọ́pàá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé dídún fóònù gan-an ni ìpè. Ẹni tó gbé e ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí ìpè ló ń dáhùn. Ẹni tó pè kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ lẹ́yìn ìdáhùn náà, ó di dandan kí ó sọ ohun tó pè fún. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1923, Bronisław Malinowski ti kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn ń sọ láìjẹ́ pé ó fẹ́ gba ohunkóhun tàbí kí ó fi ohunkóhun tó ẹnikẹ́ni létí. Ìdè àárín ènìyàn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń so. Àlàyé méjèèjì wúlò fún wa níhìn-ín, nítorí oríṣi méjì ni ìkíni tó dá dúró. Ọ̀kan jẹ́ ìpè tó ń retí ìdáhùn kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Èkejì jẹ́ ìkíni tó ti pé, tí kò ní ohunkóhun lẹ́yìn. Ìṣòro ẹni tí a kí ni bí yóò ṣe mọ èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Ìpele àkọ́kọ́ tí ètò yìí fi yí padà ni ti ìwé kíkọ. Lẹ́tà kò fàyè gba kí ènìyàn kí, kí ó sì dúró, nítorí ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí èsì tó dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kí tán nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì wọnú ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀: “Lẹ́yìn ìkíni, ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí ni pé…” Ọmọ tí kò ní í dábàá kí ó da ẹjọ́ sílẹ̀ níwájú àgbà á kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á sí àfojúdi. Ìwé ti gba ipò àgbà tó ń béèrè. Ìkíni àti ọ̀rọ̀ wà nínú àpò ìwé kan náà, ẹni tó gbà á sì mọ ohun tí yóò fèsì sí.

Ìpele kejì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2001, nígbà tí fóònù alágbèéká dé. Ìṣẹ́jú kan ìpè jẹ́ ₦50 nígbà náà. Àìpé ìṣẹ́jú kan pàápàá, owó ìṣẹ́jú kan ni, títí di 2003 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀wọ́n yìí bí ọmọ méjì. Èkíní ni fíláṣì, kí fóònù ẹlòmíràn dún lẹ́ẹ̀kan kí a sì pa á, kí onítọ̀hún lè fi owó tirẹ̀ pè padà. Ìpè tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú rárá nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èkejì ni àtẹ̀jíṣẹ́. Lẹ́tà 160 ló ń wọ inú ẹyọ kan, owó sì ń lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá bó ṣe yẹ, ẹyọ kan kì í gbà ju 70 lọ. Kò sí ẹni tí í fi owó ẹyọ kan ra “Ẹ káàárọ̀” nìkan. Wọ́n á kí, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á dárúkọ, gbogbo rẹ̀ nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Bí owó ṣe ń jáde lápò ló so ìkíni pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀.

Ìpele kẹta ló tú ìdè náà. Nígbà tí BlackBerry gbòde, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi PING!!! ránṣẹ́ sí ara wọn, ọmọ ìyá fíláṣì, àmọ́ òun kò náni ní owó ìpè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni WhatsApp, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, gba ìgboro. Dátà ni a ń rà níbẹ̀. Ẹyọ iṣẹ́ kan kò ní owó tirẹ̀ mọ́. Ó wá ṣeé ṣe láti fi ìkíni ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí a sì dúró, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lójúkojú. Kékeré padà sí ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kò sí níwájú rẹ̀. Ìdúró tí kì í tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ di wákàtí márùn-ún lórí fóònù. Ní oṣù Kọkànlá 2014, àmì aláwọ̀ búlúù méjì tún dé, tó ń sọ fún ẹni tó kí pé wọ́n ti ka ìkíni rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó rí àmì yìí tí a kò sì dá a lóhùn mọ̀ dájú pé a rí òun.

Bí èyí bá yé wa, àwọn ìdí tí ènìyàn fi ń kí láìbéèrè kò ní í ṣòro láti rí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀wọ̀. Ẹni tó dúró lẹ́yìn “Ẹ káàárọ̀ sà” ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó ń retí “Ṣé kò sí o?” kí ó tó ní ẹnu ọ̀rọ̀. Èkejì ni ìwádìí. Kò mọ̀ bóyá ọwọ́ olóhun ni fóònù wà, tàbí ọmọ rẹ̀ ló ń fi ṣeré, tàbí ìyàwó ni yóò kà á. Ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ àìsàn àti ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí a ń jù sórí fóònù tí a kò mọ ẹni tó gbé e. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù ìtìjú. Ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan máa ń fi ìkíni wo ojú ẹni tó fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èsì bá tutù, yóò gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mì, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó tọrọ, wọn kò fún un. Ẹ̀kẹrin ni ìnira ìwé kíkọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lè ro ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́nu fún wákàtí kan ni kò lè kọ ìlà mẹ́ta tó já gaara, yálà ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìkíni nìkan ni títẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí Malinowski sọ: kò ní nǹkan kan láti béèrè. Opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó rántí olùkọ́ rẹ̀, lè kí nítorí kí wọ́n lè kí nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀, kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́, kí a pè é ní Bọ́lá, ń fẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ kọ ìwé ìjẹ́rìí fún òun síbi tí ó ti ń wá iṣẹ́. Ọjọ́rú ni ìwé náà gbọ́dọ̀ dé. Ní aago 8 àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kọ “Ẹ káàárọ̀ sà.” Olùkọ́ rí i ní aago 1 ọ̀sán, ó dáhùn pé “Káàsán.” Bọ́lá rí èsì ní ìrọ̀lẹ́, ó kọ “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ṣé ara le sà?” Ní aago 10 alẹ́, olùkọ́ ní “A dúpẹ́.” Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú ti Bọ́lá láti tún kọ̀wé. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó tún ní “Ẹ káàárọ̀ sà.” Olùkọ́ kà á, ó rò nínú ara rẹ̀ pé owó ni ọmọ yìí ń wá, kò sì dáhùn. Ní Ọjọ́bọ̀ ni Bọ́lá tó sọ ohun tó wà ńbẹ̀, ó sì fi ìtọrọ àforíjì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àná ló yẹ kí ìwé ti dé.

Bí a bá yẹ àtẹ̀jíṣẹ́ Bọ́lá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀kan tó tako ẹ̀kọ́ ilé. Ó kí, ó dúró, ó béèrè àlàáfíà, ó tún dúró. Ti olùkọ́ ni kò pé. “Káàsán” gba ìkíni ṣùgbọ́n kò béèrè ohunkóhun. “A dúpẹ́” tilẹ̀ pa ọ̀rọ̀ dé pátápátá, nítorí kò sí ohun tí kékeré lè fi tẹ̀ lé e láìfi agídí ṣe é. Bí olùkọ́ yìí bá wà lójúkojú pẹ̀lú ọmọ náà, kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Á ti ní, “Ṣé kò sí o?” Orí fóònù ni ìbéèrè yẹn ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ìkíni ogún lè ti wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ó sì ti ń dáhùn wọn bí ẹni ń san gbèsè.

Àbájáde irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kì í dúró sójú kan. Ẹni tí a kí bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ìkíni, ó ń wá ẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń pẹ́ kí ó tó dáhùn, nígbà tó yá kò dáhùn mọ́. Ẹni tó kí rí àmì búlúù, ó ní àgbà náà ti gbéra ga. Nígbà mìíràn tí nǹkan bá dé, yóò kí pẹ̀lú ìbẹ̀rù tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yóò sì túbọ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Opó tí kò béèrè ohunkóhun wà nínú ìfura kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ̀.

Àtúnṣe tó kù díẹ̀ káàtó ni kí a máa pàṣẹ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má kíni láìsọ ohun tí wọ́n fẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́, láàrin ẹgbẹ́ tó ti jọ fẹnu kò, àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè wúlò. Láàrin kékeré àti àgbà, ó ń sọ fún ọmọ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló burú. “Kí lo fẹ́?” náà kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí lójú ìwé, láìsí ẹ̀rín tó lè rọ̀ ọ́, bí ìbáwí ló ń rí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ Bọ́lá kọ ní aago 1 ọ̀sán ọjọ́ Ajé kò ju báyìí lọ: “Káàsán o, Bọ́lá. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí o? Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi báyìí, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá wà, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, màá kà á ní aago 8 alẹ́.”

Ohun mẹ́rin ló wà nínú èsì yìí. Ó dá ìkíni padà, ó sì dárúkọ, tí Bọ́lá fi mọ̀ pé olóhun ló gbé fóònù. Ó béèrè “Ṣé kò sí o?”, ìbéèrè tí ẹni tí kò ní ẹjọ́ lè fi “Kò sí o, sà” dáhùn láìtijú. Ó fún un ní àṣẹ láti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ó má tún dúró de ìdáhùn kejì. Ó sì dá àkókò tí yóò ka èsì, tí ìdákẹ́jẹ́ títí di alẹ́ kò fi ní í dà bí ìkọ̀sílẹ̀. Kò ṣèlérí ohunkóhun. Ẹni tó bi ẹlòmíràn pé ṣé kò sí lè gbọ́ ẹjọ́ náà tán, kí ó sì sọ pé agbára òun kò ká a. Bí olùkọ́ bá kọ èyí, ọ̀rọ̀ ìwé ìjẹ́rìí á ti hàn ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, odindi ọjọ́ kan ṣì wà kí Ọjọ́rú tó dé.

Èsì kan náà kò bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tó ń kí ní aago kan náà ní gbogbo àárọ̀ sábà máa ń kí lásán ni, “Ó ṣeun tí o rántí mi, ilé ńkọ́?” ti tó fún un. Ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ láti ọdún kan, tàbí ẹni tó kí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kan, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí fóònù fi hàn pé ó ń tẹ̀wé, tó dáwọ́ dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀, tí ìlà kan kò sì jáde. Ẹni tí ìwé kíkọ nira fún, kí a ní kí ó fi ohùn ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ àgbà ló kí kékeré, kékeré kò gbọdọ̀ béèrè bóyá wọ́n ní nǹkan sọ. “Ẹ kú àárọ̀ mà. Ṣé ara le? Ṣé kí n pè yín nírọ̀lẹ́?” ló yẹ, nítorí ìpè á fún wọn ní àyè láti sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n má sọ. Àjèjì tó kí láìdárúkọ, kí a bi í ní pẹ̀lẹ́ pé ta ni a ń bá sọ̀rọ̀, kí a má sì sọ nǹkan kan nípa ara wa títí yóò fi dáhùn, nítorí àwọn oníjìbìtì náà máa ń fi ìkíni lásán wá ẹni tí yóò jẹ́ wọn lóhùn.

A ti rí i pé àwọn ọmọ kò gbàgbé ìkíni. Lórí ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó lè rí orúnkún wọn, wọ́n ṣì ń kúnlẹ̀, wọ́n ṣì ń dúró de àgbà. Àwa tí wọ́n ń dúró dè la ti ń kọjá lọ láìbéèrè, tí a sì ń ráhùn pé wọn kò sọ̀rọ̀. Ó dunni pé ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí wa fi sùúrù gbìn sí wọn nínú ti wá di ohun tí a fi ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ìbéèrè tí wọ́n ń retí lẹ́nu wa kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, kò sì ná wa ní owó kankan. Bí àwa náà bá sọ ọ́ nù, a jẹ́ pé àwa gan-an la kọ́ wọn pé kò sí ìdí láti kí wa mọ́.